Bí A Ṣe Ń Ṣírò Iye Tó Máa Kù Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́ Lẹ́yìn Owó Orí

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní. Bí bírò àti ìwé bá wà nítòsí, ẹ fà á mọ́ra, nítorí a máa jọ ṣírò ni.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ló fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàárín àwọn òṣìṣẹ́, pé ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju ₦800,000 lọ kò ní san owó orí. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ọ lódì. Ẹni tó ń gba ₦300,000 lóṣù gbọ́ ọ, ó ní òun ti bọ́. Oṣù parí, áláàtì wọlé, ó rí i pé owó ṣì dín, ló bá ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Owó ọdún kan gbáko ni òfin ń wí, kì í ṣe owó oṣù kan. ₦300,000 lóṣù, ₦3,600,000 ni lọ́dún, ìyẹn sì ti kọjá ₦800,000 dáadáa.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ sọ owó oṣù yín di owó ọdún, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá. Inú owó ọdún ni gbogbo ìṣirò ti máa ń wáyé. Ìgbẹ̀yìn la tó máa ń pín in padà sí oṣù méjìlá.

Ohun kejì ni bí òfin ṣe to owó orí ní ìpele ìpele. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún, kò sí owó orí lórí rẹ̀ rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18 nínú 100 ni. Àwọn ìpele mìíràn ṣì wà lókè, ìdá 21, ìdá 23, títí dé ìdá 25 fún owó tó bá kọjá ₦50,000,000 lọ́dún. Àmọ́ ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn gba gbogbo ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ₦12,000,000 lọ lọ́dún, ìyẹn mílíọ̀nù kan lóṣù. Ibẹ̀ la máa dúró sí lónìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé. Wọ́n rò pé bí owó ẹnìkan bá ti wọ ìpele ìdá 18, ìdá 18 ni wọ́n máa gbà lórí gbogbo owó rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìkòkò mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, tí à ń pọn omi sí. Àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kún kí omi tó kan ìkejì, ìkejì náà gbọ́dọ̀ kún kó tó kan ìkẹta. Omi tó ti wà nínú ìkòkò àkọ́kọ́ kò ní kúrò níbẹ̀ nítorí pé omi dé inú ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni owó. ₦800,000 tí kò ní owó orí, kò ní owó orí náà ni, ì báà jẹ́ olùkọ́ ló ni ín, ì báà jẹ́ ọ̀gá báńkì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ẹnìkan ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ àgbà kan wà ní iléèwé aládàáni kan ní Ìbàdàn. ₦300,000 ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Bí wọ́n ṣe pín in ni pé ₦150,000 jẹ́ ojúlówó owó oṣù, èyí táwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní bésíìkì; ₦60,000 jẹ́ àjẹmọ́nú ilé; ₦40,000 jẹ́ àjẹmọ́nú ọkọ̀; ₦50,000 tó kù, wọ́n fi sábẹ́ oúnjẹ àti iná. Ilé tó háyà ló ń gbé, ₦600,000 ló sì ń san fún lánlọ́ọ̀dù lọ́dún. Èló gan-an ló yẹ kó wọ inú àkáǹtì obìnrin yìí lóṣù?

A ti mọ owó ọdún rẹ̀, ₦3,600,000. Kí á tó gbé owó orí lé e, òfin ní àwọn owó kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ sẹ́yìn. Èkíní ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ìdá 8 nínú 100 ni òṣìṣẹ́ ń dá, ọ̀gá iṣẹ́ sì ń dá ìdá 10. Kì í ṣe orí gbogbo ₦300,000 ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́ o. Orí bésíìkì, àjẹmọ́nú ilé àti àjẹmọ́nú ọkọ̀ ni. Ti olùkọ́ wa, ₦150,000, ₦60,000 àti ₦40,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦250,000. Ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦20,000 lóṣù, ₦240,000 lọ́dún. Ìdá 10 ti ọ̀gá iṣẹ́, òun ló máa fi tirẹ̀ kún un, kò gbọ́dọ̀ kan ₦300,000 olùkọ́.

Èkejì ni ìdẹ̀ra tí òfin tuntun ṣe fún ẹni tó ń san owó ilé. Ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí ẹ san lọ́dún ni wọ́n máa yọ kúrò nínú owó tí wọ́n fẹ́ gbé owó orí lé, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó ń san ₦2,500,000 ti dé gbèdéke, bó bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ₦500,000 náà ni. Olùkọ́ wa san ₦600,000, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦120,000.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí òfin gbà kí á yọ, bí owó àkójọ ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀, owó adójútòfò ìlera, àti owó adójútòfò ẹ̀mí. Olùkọ́ wa kò sí nínú ìkankan wọn. Bí wọ́n bá ń yọ wọ́n nínú owó tiyín, ibí yìí gan-an ni ẹ máa ti yọ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká yọ ti olùkọ́ wò. ₦3,600,000, ẹ yọ ₦240,000 owó ìfẹ̀yìntì, ẹ yọ ₦120,000 ti owó ilé. Ó ku ₦3,240,000. Iye yìí ni owó orí máa gùn.

Ó di inú ìkòkò. ₦800,000 wọ ìkòkò àkọ́kọ́, owó orí rẹ̀ jẹ́ òfo. Ó ku ₦2,440,000. ₦2,200,000 wọ ìkejì, ó kún un. Ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦330,000. Ó wá ku ₦240,000 péré fún ìkẹta. Ìdá 18 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦43,200. Ẹ pa ₦330,000 àti ₦43,200 pọ̀, owó orí ọdún kan jẹ́ ₦373,200. Ẹ pín in sí méjìlá, ₦31,100 ni lóṣù.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: ẹ padà sórí ₦300,000. Ẹ yọ ₦20,000 owó ìfẹ̀yìntì, ẹ yọ ₦31,100 owó orí. ₦248,900 ni áláàtì gbọ́dọ̀ gbé wá fún olùkọ́ wa.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Níparí ìṣirò, a kò yọ ₦120,000 owó ilé yẹn mọ́. Ẹlòmíràn á tún yọ ọ́, á wá rí iye tó kéré jù. Owó ìfẹ̀yìntì jáde lápò olùkọ́ ní tòótọ́, ó lọ sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣáájú owó orí àti níparí. Ti owó ilé, ọwọ́ lánlọ́ọ̀dù ni olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti san án. Ọ́fíìsì kò yọ kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe kò ju pé ó dín owó orí kù lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo iye tí ẹni tó gbé ìdá 18 lé gbogbo rẹ̀ lórí máa rí. Ìdá 18 nínú 100 ti ₦3,240,000 jẹ́ ₦583,200. Bí a bá yọ ojúlówó owó orí, ₦373,200, kúrò níbẹ̀, ó fi ₦210,000 lé. ₦210,000 yìí wúlò fún wa, nítorí kì í yí padà. Ẹnikẹ́ni tí owó orí rẹ̀ bá parí sí ìpele kẹta, kó mú ìdá 18 nínú 100 gbogbo owó tó jẹ owó orí, kó yọ ₦210,000, iye tí ìpele ìpele máa fún un ló máa rí. Ẹni tí tirẹ̀ bá parí sí ìpele kejì, kó mú ìdá 15 nínú 100, kó yọ ₦120,000. Ọ̀nà àbùjá ni, ẹ fi yẹ ìṣirò yín wò. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá fẹnu kò, ẹ ti ṣì í níbì kan.

Ètò ìpele ìpele yìí náà ló máa dáhùn ìbẹ̀rù kan táwọn òṣìṣẹ́ máa ń sọ. Wọ́n á ní, "Má jẹ́ kí wọ́n fi owó kún owó oṣù rẹ o, owó orí á gbé e lọ, iye tó máa kù á kéré sí ti tẹ́lẹ̀." Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Wọ́n fi ₦20,000 kún àjẹmọ́nú oúnjẹ olùkọ́ wa, owó rẹ̀ di ₦320,000. ₦240,000 ni àfikún yẹn lọ́dún. Inú ìkòkò kẹta ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Ìdá 18 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦43,200, ìyẹn ₦3,600 lóṣù. Nínú ₦20,000, owó orí mú ₦3,600, ₦16,400 dé ọwọ́ rẹ̀. Kò sí bí àfikún owó oṣù ṣe lè sọ yín di aláìní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú ìpele wọ̀nyí, torí àfikún nìkan ni ìdá tó ga jù máa bà.

Àmọ́ oṣù Kejìlá máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bí iléèwé bá fún olùkọ́ wa ní owó oṣù kẹtàlá, ₦300,000, tí owó ìfẹ̀yìntì kò kàn án, ìkòkò méjì àkọ́kọ́ ti kún tẹ́lẹ̀. Ìkẹta ni gbogbo rẹ̀ wọ̀. Ìdá 18 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦54,000. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ₦31,100 ti oṣù, owó orí oṣù Kejìlá di ₦85,100. Ẹni tí kò mọ̀dí á ní olè wọlé. Ìṣirò náà tọ́. ₦246,000 ló máa kù nínú ẹ̀bùn ọdún yẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àṣìṣe, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ká ní olùkọ́ wa ṣírò tirẹ̀, ó rí ₦31,100, ṣùgbọ́n ₦32,900 ni wọ́n kọ síwájú PAYE nínú ìwé owó oṣù rẹ̀. Kó má bínú, kó má pariwo. Kó mú ìwé rẹ̀ lọ bá akáǹtì: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo owó orí mi. Mo ṣírò rẹ̀, ó fi ₦1,800 lé." Akáǹtì á wo fáìlì: "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mi ò rí rìsíìtì owó ilé yín níbí o. Ẹ ò tíì sọ iye tí ẹ san fún wa." Ọ̀rọ̀ parí. Ìdá 18 nínú 100 ti ₦120,000 jẹ́ ₦21,600 lọ́dún, ₦1,800 lóṣù. Òfin ní ẹni tó bá fẹ́ ìdẹ̀ra owó ilé gbọ́dọ̀ sọ iye tó san gan-an, láìbù lé, láìdín kù. Bí ẹ kò bá sọ, kò sẹ́ni tó máa bá yín yọ ọ́.

Àṣìṣe kejì jẹ́ ti ọ́fíìsì fúnra rẹ̀: àwọn kan lè ṣì máa lo ìlànà àtijọ́. Lábẹ́ òfin tó kásẹ̀ nílẹ̀ níparí ọdún 2025, ìdá 7 nínú 100 ni owó orí ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdá 24 ló sì parí sí. Ìdẹ̀ra kan wà nígbà yẹn tí wọ́n ń kọ ní CRA: ₦200,000, pẹ̀lú ìdá 20 nínú 100 owó òṣìṣẹ́. Òfin tuntun ti pa á rẹ́. Bí a bá fi ìlànà àtijọ́ ṣírò ti olùkọ́ wa, owó orí rẹ̀ á lé díẹ̀ ní ₦34,200 lóṣù. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣì rí CRA nínú ìwé owó oṣù tí wọ́n fún yín lọ́dún 2026, ẹ béèrè. Àmì pé wọn kò tíì yí ìlànà padà ni.

Ìkẹta, ẹ má dá owó orí lẹ́bi fún ohun tí kò ṣe. Bí olùkọ́ wa bá ń dá ₦15,000 ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó sì ń san ₦25,000 padà lórí owó tó yá níbẹ̀, ₦208,900 ni áláàtì máa sọ. ₦40,000 yẹn kò sí lára owó tí òfin ní kí á yọ ṣáájú owó orí, kò lè dín owó orí kù. Ìparí ni wọ́n ti ń yọ ọ́, lẹ́yìn tí owó orí ti lọ. Ẹni tó bá fi áláàtì nìkan ṣe ìwọ̀n, tí kò wo ìwé owó oṣù, kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ìjọba yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Kí n tó kúrò lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ. Láti ọdún 2024, ₦70,000 ni òfin ní kó jẹ́. Lọ́dún, ₦840,000 ni, ó sì fi ₦40,000 kọjá ₦800,000. Síbẹ̀, òfin owó orí yọ ẹni tí owó rẹ̀ kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ náà sílẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá yọ owó orí nínú ₦70,000 yín, kò tọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ohun tí mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe níparí oṣù yìí rèé. Ẹ gba ìwé owó oṣù yín, ẹ má fi áláàtì nìkan tẹ́ra yín lọ́rùn. Ẹ sọ owó oṣù di owó ọdún, ẹ yọ owó ìfẹ̀yìntì àti ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé, ẹ tò ó sí ìpele, ẹ pín in sí méjìlá. Bí owó ilé yín kò bá tíì sí nínú fáìlì ọ́fíìsì, ẹ mú rìsíìtì rẹ̀ lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ̀yin akáǹtì náà, bí òṣìṣẹ́ bá mú ìṣirò wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ jọ wò ó. Owó tó bá lé láìtọ́, owó oúnjẹ ọmọ ẹnìkan ni.